Okùn Kan, Ìfà Méjì: Iṣẹ́ Tí Púlì Tó Wúwo Ń Ṣe

Ní ọdún 1784, George Atwood, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ́ni ní Yunifásítì Kémbíríìjì, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ohun ṣe ń rìn lọ tààrà àti bí ohun ṣe ń yí. Inú ìwé náà ló ti ṣàlàyé ẹ̀rọ tí a ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní. Ẹ̀rọ náà kò le láti mọ̀: púlì kan wà lókè, okùn kan gba orí rẹ̀ kọjá, òṣùwọ̀n kan so rọ̀ ní apá ọ̀tún, òmíràn so rọ̀ ní apá òsì. Èyí tó wúwo jù ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó fúyẹ́ ń gòkè.

Ohun tí Atwood ń wá ni bí yóò ṣe mú kí ohun tó ń já bọ́ rọra já bọ́. Bí ẹ bá ju òkúta sílẹ̀ láti ibi tó ga ní mítà kan àti ìdá márùn-ún mítà, ìyẹn mítà 1.2, yóò ti dé ilẹ̀ láàárín ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Kò sí aago ayé ìgbà yẹn tí ì bá lè tọpa rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí òṣùwọ̀n méjì bá so mọ́ ara wọn lórí púlì, tí ọ̀kan fi díẹ̀ wúwo ju èkejì lọ, ìyàtọ̀ kékeré yẹn nìkan ni ilẹ̀ yóò rí fà, nígbà tó jẹ́ pé òṣùwọ̀n méjèèjì ló gbọ́dọ̀ sún. Eré náà yóò máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ojú yóò sì lè bá a lọ.

Nínú ìwé Físíìsì ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó gbà pé púlì náà fúyẹ́ débi pé kò ní ìwọ̀n rárá. Gbólóhùn yẹn ń mú kí ìṣirò rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń gbé ohun kan pa mọ́. Púlì gidi jẹ́ irin tàbí igi, ó ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò sì ní yí láìjẹ́ pé nǹkan yí i. Atwood fúnra rẹ̀ kò fojú fo èyí. Ó ka ìwọ̀n tí àwọn àgbá ẹ̀rọ rẹ̀ ń fi kún iṣẹ́ náà mọ́ ìṣirò rẹ̀, bí ẹni pé òṣùwọ̀n mìíràn tún wà lára okùn. Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí ni pé kí a gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan yẹ̀ wò, kí a sì wá ohun mẹ́ta: bí eré àwọn òṣùwọ̀n náà ṣe ń pọ̀ sí i, iye tí okùn fi ń fà ní apá òṣùwọ̀n ńlá, àti iye tó fi ń fà ní apá òṣùwọ̀n kékeré.

Ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n ńlá jẹ́ kílò 3, kí kékeré jẹ́ kílò 2. Kí púlì náà jẹ́ kílò 2, kó rí pẹrẹsẹ bí àwo, kí irin kún inú rẹ̀ dọ́gba láti àárín dé etí. Okùn náà tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ kò tó nǹkan, kì í nà, kì í sì í yọ̀ lórí púlì. Ọ̀pá àárín tí púlì ń yí lé lórí ní gírísì dáadáa, kò há. Ilẹ̀ ń fa kílò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ipá níútìn 9.8. Nítorí náà ilẹ̀ ń fa òṣùwọ̀n ńlá pẹ̀lú níútìn 29.4, ó ń fa kékeré pẹ̀lú níútìn 19.6.

Ẹ fi ọkàn sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín kílò àti níútìn, nítorí òun ni yóò gbè wá jálẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kílò ń sọ bí ó ti ṣòro tó láti mú ohun kan kúrò lójú kan. Níútìn ń sọ bí a ṣe ń fà á tàbí tì í le tó. Ohun kan lè fi kílò rẹ̀ dá eré dúró láìjẹ́ pé ìfà ilẹ̀ lórí rẹ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Irú ohun bẹ́ẹ̀ gan-an ni púlì.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdáhùn tí a ó rí bí a bá ṣe bí ẹni pé púlì kò ní ìwọ̀n. Ipá tó ń mú gbogbo rẹ̀ rìn ni 29.4 dín 19.6, ìyẹn níútìn 9.8. Ohun tó ń rìn jẹ́ kílò 5. Tí a bá fi 5 pín 9.8, a ó rí 1.96. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, eré àwọn òṣùwọ̀n náà ń fi mítà 1.96 lé sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí ni à ń pè ní ìmúyára, lẹ́tà a la sì fi ń dúró fún un. Ìfà okùn yóò sì jẹ́ níútìn 23.52 ní apá méjèèjì, láìsí ìyàtọ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ ìfà tó dọ́gba yìí ni kò lè dúró mọ́ nígbà tí púlì bá ní ìwọ̀n. Púlì náà dúró jẹ́ẹ́ kí a tó tú òṣùwọ̀n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń yí, ó sì ń yára sí i. Ta ló yí i? Ìfà ilẹ̀ lórí púlì kò lè yí i, nítorí àárín gan-an ló ti ń fà á, ọ̀pá àárín sì gbé e ró. Ọ̀pá àárín náà kò lè yí i, nítorí a ti ní kò há. Okùn nìkan ló kù. Okùn ń fa etí púlì wá sílẹ̀ ní apá ọ̀tún, ó tún ń fa etí rẹ̀ wá sílẹ̀ ní apá òsì. Bí ìfà méjèèjì bá dọ́gba, ọ̀kan yóò pa èkejì, púlì kò sì ní ní ìdí kankan láti bẹ̀rẹ̀ sí yí. Bí ó bá ti wá ń yára yí, dandan ni kí ìfà apá òṣùwọ̀n ńlá ju ti apá kékeré lọ. Ohun tó lé yẹn ni púlì ń gbà láti fi yí.

A ó wá ṣe ìṣirò náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, púlì lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ìfà okùn ní apá ńlá ní T1, ká pe ti apá kékeré ní T2. Ilẹ̀ ń fa òṣùwọ̀n ńlá sísàlẹ̀, okùn ń fà á sókè, ilẹ̀ sì ló borí:

29.4 − T1 = 3a

Ní ti kékeré, okùn ló borí ilẹ̀:

T2 − 19.6 = 2a

Púlì nìkan ló kù, òun ló sì gba àlàyé jù. Kí ohun kan tó yí, kì í ṣe iye kílò rẹ̀ nìkan ló ṣe pàtàkì, ibi tí kílò náà wà sí àárín tún ṣe pàtàkì. Ẹ dorí kẹ̀kẹ́ ológeere kodò kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Irin àti rọ́bà tó wà ní etí ló ń bá ọwọ́ yín jìjàdù, nítorí bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà tí etí rìn gùn. Irin tó wà ní àárín níbi tí sípóòkù ti pàdé kò fi bẹ́ẹ̀ rìn, ẹ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìnira yíyí ni a ó pe ohun tó ń bá ọwọ́ jìjàdù yìí, lẹ́tà I ni àwọn onífísíìsì sì ń lò fún un. Fún àwo pẹrẹsẹ tí irin kún inú rẹ̀ dọ́gba, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ M, tí àárín rẹ̀ sì jìnnà sí etí rẹ̀ ní ìwọ̀n R, ìnira náà jẹ́:

I = ½MR²

Ìdajì yẹn wá láti ibi tí irin wà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà nítòsí àárín níbi tí kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn, díẹ̀ wà ní etí níbi tó ti ń sáré bá okùn. Nígbà tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwo kílò 2 ń ṣe bí ẹni pé kílò 1 péré ló wà ní etí rẹ̀.

Okùn ń yí púlì pẹ̀lú ìyàtọ̀ ìfà méjèèjì, T1 − T2, ibi tó sì ti ń fà á jìnnà sí àárín ní ìwọ̀n R. Okùn kò yọ̀, nítorí náà etí púlì ń yára gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ṣe ń yára, ìyẹn a. Yíyí púlì fúnra rẹ̀ sì ń yára ní ìwọ̀n a/R. Ìdọ́gba rẹ̀ nìyí:

(T1 − T2)R = I × a/R

Bí a bá fi ½MR² sí ipò I, gbogbo R ni yóò bá ara wọn lọ, ohun tí yóò ṣẹ́ kù ni:

T1 − T2 = ½Ma

Ó yẹ kí ẹ dúró wo èyí díẹ̀. Bí púlì ṣe tóbi tó kò sí nínú ìdáhùn mọ́. Púlì ńlá ń jẹ́ kí okùn ní agbára púpọ̀ láti yí i, nítorí okùn jìnnà sí àárín. Ṣùgbọ́n irin púlì náà fúnra rẹ̀ jìnnà sí àárín pẹ̀lú, ìnira rẹ̀ sì pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Níwọ̀n ìgbà tí kílò púlì àti ìrísí rẹ̀ kò bá ti yí padà, ì báà fẹ̀ bí ọpọ́n, ì báà kéré bí àwo ọbẹ̀, ìdáhùn kan náà ni a ó rí. Níbi tiwa, M jẹ́ 2, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1, nítorí náà T1 − T2 = a.

Ìdọ́gba mẹ́ta ti wà nílẹ̀ báyìí, ohun mẹ́ta tí a kò mọ̀ náà sì wà nínú wọn. Bí a bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, T1 inú èkíní yóò pa T1 inú ẹ̀kẹta, T2 inú èkejì yóò pa T2 inú ẹ̀kẹta. Ohun tí yóò kù ni:

29.4 − 19.6 = 3a + 2a + 1a

9.8 = 6a

Ìmúyára náà jẹ́ 9.8 tí a fi 6 pín, ìyẹn 1.63. Ó ti dín sí 1.96 tí a rí nígbà tí a ṣe bí ẹni pé púlì kò ní ìwọ̀n. Ipá tó ń mú nǹkan rìn kò yí padà, níútìn 9.8 náà ni. Ẹrù tó ń rìn ló pọ̀ sí i, nítorí púlì ti fi kílò 1 kún un.

Ìfà okùn kò ṣòro mọ́. Ìdọ́gba òṣùwọ̀n ńlá sọ pé T1 = 29.4 − 3 × 1.633, ìyẹn níútìn 24.5. Ti kékeré sọ pé T2 = 19.6 + 2 × 1.633, ìyẹn níútìn 22.87. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1.63, iye tí púlì ń gbà gan-an. Ẹ tún wò ó pé 23.52 tí a rí níjọ́sí wà láàárín méjèèjì. Ìwọ̀n púlì kò mú kí okùn le sí i ní gbogbo ibi. Ó mú un le ní apá ńlá, ó dẹ̀ ẹ́ ní apá kékeré.

Fún òṣùwọ̀n èyíkéyìí, tí a bá pè wọ́n ní m1 àti m2, tí a sì pe iye tí ilẹ̀ fi ń fa kílò kan ní g, ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí:

a = (m1 − m2)g / (m1 + m2 + I/R²)

T1 = m1(g − a)

T2 = m2(g + a)

I/R² ni kílò tí púlì ń fi kún ẹrù. Bó bá jẹ́ àwo tó kún dọ́gba, ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé etí ni gbogbo irin rẹ̀ wà bí òrùka, odidi ìwọ̀n rẹ̀ ni. Ká ní òrùka kílò 2 la lò dípò àwo kílò 2, ẹrù yóò di 7, ìmúyára yóò di 1.4, T1 yóò di níútìn 25.2, T2 yóò di níútìn 22.4. Púlì méjèèjì dọ́gba lórí ìwọ̀n ọjà, síbẹ̀ wọn kò ṣe bákan náà lẹ́nu iṣẹ́.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbi ìṣirò yìí, ọ̀nà sì wà láti fi dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Èkíní ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ T kan ṣoṣo sí apá méjèèjì, kó tún wá kọ ìdọ́gba púlì. T − T yóò di òfo, ìmúyára yóò sì di òfo pẹ̀lú, bí ẹni pé òṣùwọ̀n tí kò dọ́gba kàn dúró lójú kan. Èkejì ni kí ó ka ìfà ilẹ̀ lórí púlì mọ́ ipá tó ń mú nǹkan rìn. Bí ẹni bá ṣe èyí, ẹ ní kí ó fi òṣùwọ̀n méjì tó dọ́gba dán ìdáhùn rẹ̀ wò. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá sọ pé wọ́n ń yára, ó ti ṣìnà, nítorí kò sí ìdí tí apá kan yóò fi borí. Ẹ̀kẹta ni kí ó dojú àmì kọ ibi tí kò yẹ. Ìdánwò tirẹ̀ rọrùn: T1 gbọ́dọ̀ kéré sí ìfà ilẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ńlá, T2 gbọ́dọ̀ ju ìfà ilẹ̀ lórí kékeré lọ, T1 sì gbọ́dọ̀ ju T2 lọ. Tiwa yege: 24.5 kéré sí 29.4, 22.87 ju 19.6 lọ.

Àwọn kan tún máa ń gbà pé ìfà méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ nígbà gbogbo tí púlì bá ti wúwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yíyára sí i ló ń gba ipá, kì í ṣe yíyí lásán. Bí òṣùwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, tí ẹ fi ọwọ́ ta ọ̀kan díẹ̀, púlì yóò máa yí lọ ní eré kan náà, ìfà okùn yóò sì dọ́gba ní apá méjèèjì, kódà bí púlì náà bá wúwo ju òṣùwọ̀n méjèèjì lọ.

Ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ló tún ń fi ìwọ̀n púlì hàn yàtọ̀ sí híha ọ̀pá àárín. Méjèèjì ń dín ìmúyára kù, ó sì rọrùn láti ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n púlì ń kún ẹrù tó ń rìn, nígbà tí híha ń jẹ lára ipá tó ń mú un rìn. Nítorí náà, ẹ so òṣùwọ̀n tó dọ́gba rọ̀, kí ẹ ta ọ̀kan. Bí eré náà bá ń dín kù títí ó fi dúró, ọ̀pá náà ń há. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ìwọ̀n kékeré kún apá kan díẹ̀díẹ̀. Púlì tí ọ̀pá rẹ̀ kò há yóò dá òṣùwọ̀n tó fi ìwọ̀nba díẹ̀ lé lóhùn, ì báà jẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí tó há yóò dúró gbọin títí ohun tí ẹ fi kún un yóò fi borí híha náà. Ìdí nìyí tí Atwood kò fi jẹ́ kí ọ̀pá púlì rẹ̀ yí nínú ihò lásán. Ó gbé orí ọ̀pá náà lé àwọn àgbá kékeré mẹ́rin tí wọ́n ń bá a yí, èyí tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí bíárìn ń ṣe lóde òní.

Ààlà mìíràn ni pé okùn kò gbọ́dọ̀ yọ̀. Bó bá yọ̀, etí púlì kò ní bá òṣùwọ̀n yára mọ́, ìdọ́gba kẹta yóò sì já. Níbi tiwa, T1 fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún péré ju T2 lọ, okùn sì wé mọ́ ìdajì púlì, nítorí náà okùn lásán lórí irin gbígbẹ yóò dì í mú láìsí wàhálà. Ibi tí a ti ní láti ṣọ́ra ni ibi tí epo ti kan púlì, tàbí tí òṣùwọ̀n kan fi ìlọ́po púpọ̀ ju èkejì lọ. Bí ẹ bá fi ẹfun sàmì sí okùn àti etí púlì ní ojúkan náà kí ẹ tó tú u sílẹ̀, àmì méjèèjì yóò sọ bóyá okùn bá púlì rìn tàbí ó ń yọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dán gbogbo èyí wò lè jẹ́ kí òṣùwọ̀n ńlá sọ̀ ní mítà 1.2. Bí púlì bá fúyẹ́ pátápátá, yóò gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.11. Pẹ̀lú àwo kílò 2, yóò di 1.21. Pẹ̀lú òrùka kílò 2, yóò di 1.31. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ọwọ́ ènìyàn lórí aago sì lè fi tó bẹ́ẹ̀ ṣì. Fóònù tó ń ya fídíò dára jù, nítorí a lè ka àwòrán inú fídíò náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ títí ó fi kan ilẹ̀.

Bí àkókò náà bá ti dájú, a lè yí ìṣirò padà kí a fi mọ ohun tó wà nínú púlì láìtú u. Ká ní òṣùwọ̀n kílò 3 àti 2 kan náà sọ̀ ní mítà 1.2 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.265, lórí púlì kílò 2 tí ọ̀pá rẹ̀ kò há. Ìlọ́po méjì 1.2 jẹ́ 2.4. Tí a bá fi 1.265 lọ́nà 1.265 pín in, ìmúyára jẹ́ 1.5. Tí a bá fi 1.5 pín 9.8, gbogbo ẹrù tó ń rìn jẹ́ kílò 6.53. Ẹ yọ kílò 5 òṣùwọ̀n kúrò, yóò ku 1.53. Iye yẹn ju kílò 1 tí àwo tó kún dọ́gba yóò fi kún un lọ, kò sì tó kílò 2 ti òrùka. Púlì náà ti ní láti jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ irin kúrò láàárín rẹ̀, tí wọ́n sì fi púpọ̀ sílẹ̀ ní etí.